Kí Ló Dé Tí Ilé Fi Ń Di Ọ̀wọ́n Tí Òfin Bá Fi Òpin Sí Owó Ilé?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pe ilé iṣẹ́ rédíò kan l'Ékòó, lórí ètò tí àwọn ará ìlú ti máa ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ọmọ méjì ló ní, yàrá àti pálọ̀ ló sì ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ ti fi kún owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan àbọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ gómìnà kó kéde iye kan, kó ní lánlọ́ọ̀dù kankan ò gbọdọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbà jù ú, kí wọ́n gbé e." Atọ́kùn ètò náà kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, ó sì mú ẹlòmíì lórí fóònù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi kan n'Íkòròdú. Ó ti ń kọ́ ilé sí ilẹ̀ kan níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, yàrá àti pálọ̀ mẹ́fà tó fẹ́ fi rẹ́ǹtì síta. Ìpìlẹ̀ ti jáde, búlọ́ọ̀kù ti dé ojú fèrèsé, koríko sì ti ń hù láàárín yàrá tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀ àkọ́kọ́. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò fún un. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ìka ka iye sìmẹ́ǹtì, irin, páànù, owó àwọn ọmọ onílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Tí wọ́n bá ní kí n má gbà ju irínwó ẹgbẹ̀rún lọ lọ́dún, ibi tó dé yìí náà ni màá fi í sí."

Inú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì yìí ni gbogbo àlàyé mi wà. Àwọn méjèèjì ò mọra wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ti wà nínú ilé, ohun tó ń wá ni kí owó rẹ̀ dín kù. Ẹni tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kò tíì ní ayálégbé kankan. Ẹnìkan ṣì wà tí kò bá wa sọ̀rọ̀ rárá, ìyẹn ẹni tí ì bá gbé inú pálọ̀ tí koríko ń hù nínú ẹ̀ yẹn. Àwòrán tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé máa ń yà lórí ọ̀rọ̀ yìí wúlò nítorí pé ó jẹ́ kí á rí ẹni kẹta yìí, kí á sì lè sọ iye ohun tó pàdánù.

Ìlà méjì lórí ìwé

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ fa ìlà kan lóòró, kí ó dúró fún owó ilé ọdún kan. Ẹ fa òmíràn níbùú láti ìsàlẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ lọ sápá ọ̀tún, kí ó dúró fún iye yàrá àti pálọ̀ tó wà láàárín àdúgbò kan. Àdúgbò tí mo finú rò ni o, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni lọ kà. Mo yan iye tó rọrùn láti ṣírò kí á lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ.

Ìlà kẹta ni ìlà ìbéèrè. Apá òsì lókè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, nítorí pé bí owó ilé bá ṣe ń wọ́nlẹ̀ ni àwọn tó lè gbà á á máa pọ̀ sí i. Tó bá gbówó lórí, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ á ṣì máa gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rẹ́ méjì á dawó jọ gba yàrá kan, tọkọtaya á kó lọ sí Mowé tàbí Ọ̀tà, wọn á máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti wá síbi iṣẹ́. Tó bá wọ́nlẹ̀, gbogbo wọn á fẹ́ yàrá tiwọn nítòsí.

Ìlà kẹrin ni ìlà ìpèsè. Ìsàlẹ̀ lápá òsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gòkè lọ sápá ọ̀tún. Owó ilé tó kéré á mú kìkì àwọn tí ilé wọn ti pẹ́, tí wọn ò jẹ gbèsè kankan lórí ẹ̀, gbé e síta. Tí owó bá gòkè díẹ̀, ẹni tó fi yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó ẹrù pamọ́ á tún un ṣe. Tó bá tún gòkè, àǹtí mi á lọ ra páànù.

Ẹ jẹ́ kí P dúró fún owó ilé ọdún kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, kí Qd jẹ́ iye yàrá tí àwọn ènìyàn fẹ́ gbà, kí Qs sì jẹ́ iye yàrá tí àwọn onílé fẹ́ gbé síta:

```
Qd = 1800 - P
Qs = 2P
```

Ẹ fi 600 sí ipò P. Ìbéèrè á jẹ́ 1,200, ìpèsè náà á jẹ́ 1,200. Ibẹ̀ ni ìlà méjèèjì ti pàdé. Ní àdúgbò yìí, tí ẹnikẹ́ni ò bá dá sí i, owó ilé á rọra dúró sí ₦600,000, yàrá 1,200 á sì ní ẹni tó ń gbé inú wọn.

Wàyí o, ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀ obìnrin orí rédíò yẹn. Tí wọ́n bá kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà ju ₦700,000 lọ, òfin náà ò ní yí nǹkan kan padà, nítorí pé ₦600,000 làwọn ènìyàn ti ń san tẹ́lẹ̀. Òpin tó wà lókè ibi ìpàdé kò mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí òpin bá bọ́ sísàlẹ̀ ibi ìpàdé ló tó ń mú. Ká ní wọ́n sọ pé ₦400,000. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan níbùú láti ibi 400.

Ìlà yìí á gé ìlà ìpèsè ní ibi 800, á sì gé ìlà ìbéèrè ní ibi 1,400. Àwọn onílé á gbé yàrá 800 síta, àwọn 1,400 á máa wá yàrá. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ 600, òun là ń pè ní ọ̀wọ́n ilé. Ẹ wo bó ṣe wáyé, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í gbọ́ nìyí. Nínú 600 náà, 400 jẹ́ yàrá tó ti wà tẹ́lẹ̀ tàbí tí ì bá wà, tí kò sí mọ́. 200 tó kù jẹ́ àwọn tí kò wá ilé tẹ́lẹ̀ nígbà tó wà ní ₦600,000, tí wọ́n wá jáde síta nítorí pé ₦400,000 wù wọ́n. Ọ̀wọ́n náà tipa báyìí ju iye yàrá tó pòórá lọ.

Ojú wa ti rí irú èyí rí. Kí ó tó di 2016, ₦50 ni lítà epo òyìnbó kan lójú ìwé ìjọba. Ìyá tó ń fi sítóòfù dáná mọ̀ pé agbára káká ni òun fi máa rí i rà ní iye yẹn, yálà kí òun tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì láti ìdájí tàbí kí òun ra á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Iye orí ìwé kò kúrò lójú kan. Epo ló sá kúrò níbi tí iye náà wà.

Ta ló jèrè, ta ló pàdánù, kí ló sì pòórá

Onílé 800 tí ilé wọn ṣì wà níta ń gba ₦400,000 dípò ₦600,000. ₦200,000 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, lọ́nà 800, jẹ́ ₦160 mílíọ̀nù lọ́dún. Lórí àwòrán, ẹ á rí i bí àpótí onígun mẹ́rin láàárín ìlà 600 àti ìlà 400, láti òdo títí dé 800. Owó yìí ò sọnù. Ó kúrò lápò àwọn onílé, ó bọ́ sápò àwọn ayálégbé. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn ayálégbé ju àwọn onílé lọ lè sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, àwòrán náà ò sì ní bá a jiyàn.

Ohun tó yàtọ̀ ni igun mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún àpótí yẹn. Ẹ fa ìlà lóòró láti ibi 800 gòkè títí tó fi kan ìlà ìbéèrè. Ẹ á bá a ní 1,000, torí pé 1800 dín 800 jẹ́ 1,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ̀ lé ẹni ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ lórí ìlà ìbéèrè ṣe tán láti san ₦1 mílíọ̀nù fún yàrá kan, onílé kan sì wà tó ṣe tán láti gbà díẹ̀ ju ₦400,000 lọ kó fún un. Àwọn méjèèjì ì bá pàdé kí inú àwọn méjèèjì sì dùn. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e, títí a ó fi dé yàrá ìkẹgbẹ̀fà, níbi tí ìlà méjèèjì ti fẹnu kora.

Igun mẹ́ta yìí ga tó 600, láti 400 dé 1,000. Ó fẹ̀ tó 400, láti 800 dé 1,200. Ìdajì 600 lọ́nà 400 jẹ́ 120,000, èyí tó jẹ́ ₦120 mílíọ̀nù lọ́dún nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún la fi ń ka owó. Òfò àsán ni mo máa ń pè é. Ayálégbé ò rí i gbà, onílé ò rí i gbà, ìjọba náà ò rí i gbà. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé ni, tí owó rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìlà ₦600,000 pín igun mẹ́ta náà sí méjì. Apá òkè jẹ́ ti àwọn tí ì bá gbé ilé náà, ₦80 mílíọ̀nù. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àwọn onílé tó kógbá wọlé, ₦40 mílíọ̀nù. Tí á bá wá ṣírò fún àwọn ayálégbé lápapọ̀, wọ́n rí 160 gbà lọ́wọ́ onílé, wọ́n pàdánù 80, ó ku 80 tí wọ́n fi jèrè. Èmi ò ní fi èyí pamọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ko irú òfin yìí máa ń fò ó. Lórí ìwé yìí, bó ṣe wà, òfin náà ran àwọn ayálégbé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú lápapọ̀ pàdánù 120.

Àmọ́ ohun kan wà tí ìṣirò yìí gbà bí òótọ́ láìsọ ọ́ jáde. Ó gbà pé yàrá 800 tó kù bọ́ sọ́wọ́ àwọn 800 tó nílò rẹ̀ jù lọ.

Ta ló máa gbé yàrá 800 tó kù?

Nígbà tí owó bá lè gòkè, owó ló ń yan ẹni tó máa wọlé. Ìwà ìkà wà nínú ìyẹn lóòótọ́, torí pé olówó ló máa ń borí. Ṣùgbọ́n tí a bá ti owó pa, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ yàn. Àwọn 1,400 ló dúró síta, iye wọn sì kan náà ni gbogbo wọn máa san. Ta ni lánlọ́ọ̀dù máa mú? Yóò mú ẹni tó kọ́kọ́ dé, tàbí ọmọ ìlú rẹ̀, tàbí ọmọ ìjọ rẹ̀, tàbí ẹni tí kò ní ọmọ wẹ́wẹ́ tó máa kùn ògiri. Bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn tó wà nítòsí bá dé lẹ́yìn ẹni tó kàn fẹ́ ibi tó máa kó àpótí sí, ẹni tó kàn fẹ́ kó àpótí sí ló máa wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò èyí náà. Ká ní tẹ́tẹ́ ni wọ́n ta láàárín àwọn 1,400. Iye tí kálukú wọn ṣe tán láti san bẹ̀rẹ̀ láti ₦1.8 mílíọ̀nù, ó sì lọ sísàlẹ̀ títí dé ₦400,000, nítorí náà àárín rẹ̀ jẹ́ ₦1.1 mílíọ̀nù. Ẹni tí tẹ́tẹ́ mú, tó san ₦400,000, jèrè ₦700,000 ní àárín gbùngbùn. 800 lọ́nà ₦700,000 jẹ́ ₦560 mílíọ̀nù. Kí òfin tó dé, èrè àwọn ayálégbé lápapọ̀ jẹ́ ₦720 mílíọ̀nù, ìyẹn ìwọ̀n àyè tó wà lábẹ́ ìlà ìbéèrè lókè ₦600,000 títí dé yàrá 1,200. Àwọn ayálégbé tí òfin náà torí wọn dé ti pàdánù ₦160 mílíọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ti àwọn onílé náà ti lọ sílẹ̀ láti 360 sí 160. Ẹ pa á pọ̀, òfò àsán di ₦360 mílíọ̀nù, ìlọ́po mẹ́ta igun mẹ́ta tí a kọ́kọ́ ṣírò.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń ya igun mẹ́ta náà, tí wọ́n á ní ibi tí òfò mọ nìyí. Ibẹ̀ ni òfò ti bẹ̀rẹ̀. Igun mẹ́ta náà ń sọ̀rọ̀ yàrá tó pòórá nìkan. Kò sọ̀rọ̀ yàrá tó ṣì wà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ka oṣù tí àwọn ènìyàn fi rìn káàkiri.

Ọ̀rọ̀ àwọn èjẹ́ńtì náà wà níhìn-ín. Àlàfo ₦600,000 tó wà láàárín ₦400,000 àti ₦1 mílíọ̀nù lórí yàrá kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ rí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń gbà á lábẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni òfin ti wà. Yàrá á padà síta, owó á sì padà sẹ́bàá ₦600,000, àfi pé ìbẹ̀rù ọlọ́pàá á fi díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èjẹ́ńtì tàbí ayálégbé tó ń kó jáde ló ń gbà á, lánlọ́ọ̀dù á ṣì máa gba ₦400,000, yàrá á sì dúró sí 800. Ẹni tó ń wọlé lè wá san tó ₦1 mílíọ̀nù lápapọ̀ ní orúkọ àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti owó kọ́ṣọ̀n. Owó tí yóò jáde lápò rẹ̀ lè ju ti ìgbà tí kò sí òfin kankan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òpin owó ilé ń mú ní ìlú kan kò gbọdọ̀ wo rìsíìtì. Kí ó béèrè iye tí àwọn tó kó wọlé lóṣù yìí san lápapọ̀, àti oṣù mélòó tí wọ́n fi wá ilé.

Bẹ̀lín, oṣù mẹ́rìnlá

Ìlú tó dán èyí wò lójú wa láìpẹ́ yìí ni Bẹ̀lín, olú-ìlú Jámánì. Ìlú ayálégbé ni, ó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn ilé ibẹ̀ tó jẹ́ pé rẹ́ǹtì ni àwọn tó ń gbé inú wọn ń san. Ní oṣù kejì ọdún 2020, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ tó so owó ilé mọ́lẹ̀ sí iye tó wà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 2019, tó sì tún ṣe àtẹ iye tó ga jù lọ tí onílé lè gbà lóṣù lórí mítà kan níbùú lóòró, láti yúrò 3.92 dé 9.80, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ilé náà àti ohun èlò inú rẹ̀ bá ṣe rí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ ilé ló kàn. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láti 2014 wá kò sí nínú ẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2020, ẹni tó ń gba ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lókè àtẹ yẹn gbọ́dọ̀ já a wálẹ̀.

Yíyọ tí òfin náà yọ àwọn ilé tuntun sílẹ̀ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n lè fi wéra nínú ìlú kan náà. Owó àwọn ilé àtijọ́ tí òfin mú wálẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ti wà nínú wọn sì rí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìpolówó ilé àtijọ́ tó wà fún rẹ́ǹtì já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹni tó wà nínú ilé kò kúrò mọ́, torí pé kò ní rí irú rẹ̀ ní iye yẹn níbòmíràn, àwọn onílé kan sì ń ta ilé dípò kí wọ́n tún un fi rẹ́ǹtì. Àwọn tí kò ríbi wọ̀ wá yí sọ́dọ̀ ilé tuntun tí òfin ò mú, owó ti ibẹ̀ sì gòkè.

Àwọn onílé kan tún ń kọ iye méjì sínú àgírímẹ́ǹtì, iye tí òfin gbà àti iye tí ayálégbé máa san tí kóòtù bá wọ́gi lé òfin náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2021, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin Jámánì wọ́gi lé e, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ayálégbé tó ti fi owó tó ṣẹ́ kù jẹun wá rí i pé òun ní láti san èyí tó ti dín kù padà.

Oṣù mẹ́rìnlá kò tó láti mọ bí ìlà ìpèsè ṣe máa rìn dé òpin. Ìlú San Fransísíkò ní Amẹ́ríkà fún wa ní ojú tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1994 wọ́n dìbò fa ìdíwọ̀n owó ilé dé orí àwọn ilé kékeré tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1980, tí kò ju ilé mẹ́rin lọ lábẹ́ òrùlé kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bẹ̀lín, torí pé iye tí lánlọ́ọ̀dù lè fi kún owó ẹni tó wà nínú ilé lọ́dọọdún ni wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Rebecca Diamond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní yunifásítì Stanford tọpa àwọn ilé náà. Àwọn ayálégbé tí òfin bá nínú ilé jàǹfààní gidi, wọ́n dúró sínú ilé wọn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn onílé sì dín iye ilé tí wọ́n ń fi rẹ́ǹtì kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tà á fún ẹni tó fẹ́ ra ilé gbé, tàbí wọ́n wó o kọ́ òmíràn. Owó ilé káàkiri ìlú sì ga ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí ìyẹn.

Èkó, àti ohun tí àwòrán náà ò lè sọ

Èkó ti kọ iye owó ilé sínú òfin rí. Ní 1997, lábẹ́ ìjọba ológun, òfin kan jáde tó pín ìpínlẹ̀ náà sí àgbègbè àgbègbè, tó sì sọ iye tí irú ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́. A ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó tẹ̀ lé e. Lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé ń dúnàádúrà bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí náà òpin yẹn kò dá ọ̀wọ́n ńlá sílẹ̀, kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ owó gọbọi. Nígbà tí ìjọba Fáṣọlá ṣe òfin tuntun ní 2011, wọ́n fi iye owó sílẹ̀, wọ́n dojú kọ iye ọdún tí onílé lè gbà ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú ẹ̀. Ní 2025 àbá òfin mìíràn tún dé iwájú àwọn aṣòfin Èkó lórí ọ̀rọ̀ ayálégbé, ariwo kí wọ́n fi òpin sí owó ilé sì tún ga sí i.

Ohun tó yẹ kí á máa jiyàn lé lórí ni bí ìlà ìpèsè ṣe dúró. Ní ọdún àkọ́kọ́, ilé tó ti wà nílẹ̀ ò ní fò lọ. Ìlà ìpèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán ní ibi 1,200. Tí òpin ₦400,000 bá dé nígbà yẹn, ọ̀wọ́n jẹ́ 200 péré, igun mẹ́ta náà ò sì tíì sí rárá. Gómìnà lè bọ́ síta kó ní, "Ẹ wò ó, owó ti wálẹ̀, ilé ò sì dín kù." Òótọ́ ni ó sọ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni òrùlé á máa jò tí kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sọ yàrá méjì di ṣọ́ọ̀bù, koríko á sì ga sí i n'Íkòròdú. Ìlà náà ń dẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, láti ọdún dé ọdún, títí a ó fi bá ara wa ní 800.

Ibi kan wà tí àwòrán yìí ò bá a mu. Tó bá jẹ́ onílé kan tàbí méjì ló ni gbogbo ilé inú ìlú kan, tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ dá yàrá dúró kí owó lè ga, òpin tí wọ́n fi ọgbọ́n gbé kalẹ̀ lè mú ilé jáde síta. Àwọn lánlọ́ọ̀dù Èkó pọ̀ jù fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn dà bí àǹtí mi, ilé kan péré, tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kọ́.

Tí ìjọba bá fẹ́ kí obìnrin orí rédíò yẹn máa san ₦400,000 láìsí ọ̀wọ́n, ìṣirò kan náà lè sọ iye tó máa ná wọn. Ní ₦400,000, àwọn tó fẹ́ ilé jẹ́ 1,400. Kí àwọn onílé tó lè gbé 1,400 síta, ₦700,000 gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìjọba gbọ́dọ̀ fi ₦300,000 dí àlàfo náà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, ₦420 mílíọ̀nù lọ́dún fún àdúgbò wa kékeré yìí. Ọ̀nà yẹn náà ní òfò àsán tirẹ̀, nítorí pé yàrá 200 tó kẹ́yìn ń náni ju ohun tí wọ́n tó lójú àwọn tó ń gbé inú wọn lọ. Ìdajì 200 lọ́nà 300 jẹ́ ₦30 mílíọ̀nù. Ìyẹn kéré púpọ̀ sí 120, ó sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ sí 360, ṣùgbọ́n ₦420 mílíọ̀nù yẹn gbọ́dọ̀ ti inú àpò ìjọba jáde, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i nínú ìwé ìṣúná. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kí iye yẹn dín kù, ibi tí wọ́n á ti wá a ni inú àwọn nǹkan tí àǹtí mi ń fi ìka kà lórí búlọ́ọ̀kù: sìmẹ́ǹtì, irin, ìwé ilẹ̀, owó àwọn ọmọ onílẹ̀.